Orí Ìbéèrè 83 Ni Aago Bá Mi

Aago tó ń kà sẹ́yìn lókè ojú kọ̀ǹpútà dé òdo nígbà tí mo wà lórí ìbéèrè 83. Ìbéèrè 106 ló wà nínú ìdánwò náà. Mẹ́tàlélógún tó kù, mi ò tilẹ̀ fojú kàn wọ́n. Ìwé márùn-ún ló wà níwájú mi lórí tábìlì, mo sì ti lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ gbogbo wọn létí, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, àfi bí ẹyẹ tó na ìyẹ́ tó fẹ́ fò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìdánwò ìgbáradì ni, èyí tí èèyàn ń ṣe nílé kó tó lọ ṣe gidi. Wákàtí 4 ni mo fi jókòó, mo sì dìde bí ẹni tó rin ìrìn àjò tí kò dé ibì kankan.

Ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà ni, ọ̀kan lára àwọn tí GIAC, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, ń ṣe. Wọ́n gbà kí èèyàn kó ìwé wọlé, títí kan ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bó bá ṣáà ti wà lórí bébà. Ohun tó bá jẹ́ ẹ̀rọ kò wọlé: kò sí fóònù, kò sí kọ̀ǹpútà tìrẹ, kò sí àpótí ìwárí tí a máa tẹ ọ̀rọ̀ sí kó wá ibi tó wà fún wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìbéèrè téèyàn bá ti dáhùn ti lọ nìyẹn, kò sí pé a tún ń padà lọ yí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ìwé máa wà níwájú mi, ọkàn mi balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí ni mo tún ń há sórí nígbà tí ìdáhùn wà nínú ìwé? Ìdáhùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà nínú bí ojú ewé 900.

Ohun tó gbà mí lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé mo ti ń fa ilà kékeré sórí bébà ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìwé. Mi ò mọ̀ pé ó máa wúlò, ó kàn ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni. Mo ka àwọn ilà náà: àádọ́rin. Nínú ìbéèrè 83, mo ti ṣí ìwé fún àádọ́rin. Ìbínú ló kọ́kọ́ gbé mi, mo ní àṣé mi ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tí mo farabalẹ̀, mo rí i pé kò yé mi gan-an ibi tí wákàtí 4 náà wọlẹ̀ sí. Ṣé kíka ìbéèrè ni? Ṣé ríronú ni? Ṣé wíwá ni? Ẹni tí kò bá mọ ibi tí garawa ti ń jò, gbogbo ara rẹ̀ ló máa fi amọ̀ lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gé páálí sí wẹ́wẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ogún sára wọn, ọ̀kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú ìwé márààrún. Mo dojú wọn dé, mo tan aago fóònù mi, mo sì ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ṣí páálí, aago bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi ìka tọ́ ìlà tí ìdáhùn wà nínú ìwé, aago dúró. Ṣùgbọ́n mi ò ka àpapọ̀ rẹ̀ nìkan. Mo tẹ aago náà lẹ́ẹ̀mẹta fún páálí kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí mo mọ ìwé tó wà nínú rẹ̀, ìgbà tí mo dé ojú ewé náà, àti ìgbà tí ojú mi bà lé ìlà náà gan-an. Tí mo bá pín in kárí, ìṣẹ́jú àáyá 50 ni mo ń lò láti mọ ìwé wo, 35 láti dé ojú ewé, 25 láti rí ìlà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 110. Ẹ fi 110 yẹn sọ àádọ́rin di púpọ̀, ẹ óò rí i pé mo ti lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 8 lórí ṣíṣí ìwé lásán. Ìdajì ìdánwò ni mo fi ń yẹ ìwé wò bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Bébà aláwọ̀ mi kò sì ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ó ń sọ fún mi ibi tí orí kan ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sí ìbéèrè tó ń bi èèyàn pé orí wo.

Bí mo ṣe pinnu láti ṣe atọ́ka nìyẹn, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìwé àti ojú ewé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ọ̀rẹ́ kan tó ti ṣe ìdánwò náà ṣáájú mi ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi lóró, ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ti tò ó dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde tayọ̀tayọ̀. Ọ̀rọ̀ kẹta tí mo wá níbẹ̀ ló tú àṣírí: atọ́ka ní ojú ewé 64, mo ṣí 64, nǹkan mìíràn ni mo bá. Ìwé tèmi jẹ́ àtẹ̀jáde tó tuntun ju tirẹ̀ lọ. Níbì kan ojú ewé 2 ló fi yàtọ̀, níbòmíràn 11, níbòmíràn wọ́n ti gbé odindi orí kan kúrò nínú ìwé kejì lọ sínú ìkẹta. Àtọ́ka tó ṣìnà díẹ̀ burú ju kí ó má sí lọ, torí pé èèyàn máa kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú kan láti gbàgbọ́ pé òun lòun ò ríran dáadáa. Mo dá a padà fún un pẹ̀lú ọpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé bó bá tilẹ̀ bá ìwé mi mu, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò yé *òun*. Tèmi kọ́.

Mo ṣí Excel, mo ya òpó mẹ́ta: ọ̀rọ̀, ibi tó wà, àlàyé. Mo ń kọ ibi tó wà báyìí, 3-12, ìyẹn ìwé kẹta, ojú ewé 12. Mo ti kọ bí ọgọ́rùn-ún méjì ìlà kí n tó gbójú sókè, ni mo bá rí `12-Mar`. Mo wo ìsàlẹ̀, `Apr-87`. Excel ti sọ gbogbo ojú ewé mi di ọjọ́ inú oṣù! Mo ní kí n yí òpó náà padà sí ọ̀rọ̀ lásán, ó bá sọ wọ́n di nọ́ńbà oní-díjíìtì márùn-ún tí kò jọ nǹkan tí mo kọ. Àfi kí n tún padà sínú ìwé lọ kó wọn jọ. Láti ọjọ́ náà, ìwé ní òpó tirẹ̀, ojú ewé ní òpó tirẹ̀, kò sí àmì kankan láàárín wọn.

Èyí tó tún fẹ́ jọ ọ́ ni ti àwọn àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì kékeré yẹn, `-`. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń lo `nmap` láti fi wo ilẹ̀kùn tó ṣí lára kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, oríṣiríṣi ọ̀nà tó ń gbà wò ó ló sì ní àmì tirẹ̀: `-sS`, `-sT`, `-sU`, `-sV`. Bí mo bá tẹ `-sV`, Excel á rò pé ìṣirò ni mo fẹ́ ṣe, á sì fún mi ní `#NAME?`. Mo lè fi àmì `'` síwájú rẹ̀ kó dákẹ́, àmọ́ ohun tó dára jù ni kí n bẹ̀rẹ̀ ìlà náà pẹ̀lú orúkọ irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, `nmap -sV`. Gbogbo ìdílé rẹ̀ á wá wà lójú kan nígbà tí mo bá tò ó ní A, B, D, èyí tó kúkú jẹ́ ohun tí mo fẹ́.

Mo ka ìwé márààrún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ta sí mi lójú. Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ ni mo fi ṣe é, ìlà 1,140 ló sì jáde. Orí mi wú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé páálí ogún mìíràn jáde, mo tan aago. Ìṣẹ́jú àáyá 65. Ó dín sí 110 lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ kọ́ nìyẹn lójú mi. Mo wá wo bí ó ṣe pín: 20 nínú atọ́ka, 15 láti ṣí ìwé sí ojú ewé náà, 30 láti rí ìlà. Ẹ ò rí i pé èyí tó kẹ́yìn kò dín kù, ńṣe ló tilẹ̀ lé díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo ṣe ń wá ojú ewé ni mo ti ń ka ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Nísinsìnyí, atọ́ka sọ mí sí àárín ojú ewé láìmọ̀ ohun tó ṣáájú, mo sì ní láti bẹ̀rẹ̀ sí kà á látòkè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kó ìtìjú bá mi jù. Mo fa páálí tí mo kọ `TCP` sí, ìyẹn ìlànà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo dé T, mo rí i, nọ́ńbà ojú ewé 27 ló sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe? Mo ti kọ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn, bí ẹ̀rọ ṣe máa ṣe é. Láti ibẹ̀ ni mo ti fi òfin kan sílẹ̀ fún ara mi: ìlà kan kò gbọ́dọ̀ ní ju ojú ewé mẹ́ta lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní láti là á. `TCP` di "TCP, bí ìbánisọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀", "TCP, àwọn àmì orí rẹ̀", "TCP, ìyàtọ̀ òun àti UDP". Ibi tí wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ kọjá lọ, mo pa á rẹ́. Ìlà 1,140 di 860, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo wá àwọn tí mo yọ.

Síbẹ̀, ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà fún mi kì í ṣe dídín ìlà kù. Àbúrò mi obìnrin ni. Kò ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò sì fẹ́ ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fa páálí, kó máa ka ọ̀rọ̀ náà, kó sì máa tẹ aago. Nígbà tó yá, ó sú u kó máa pe orúkọ tí kò yé e, ó bá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka àlàyé inú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ló máa hàn bí ẹnì kan bá nu àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà nù kí wọ́n má bàa mọ ohun tó ṣe?"

Mo mọ̀ pé mo ní in nínú atọ́ka. Mo wá a lábẹ́ àkọsílẹ̀, kò sí. Mo wá a lábẹ́ Windows, kò sí. `1102` ni mo kọ ọ́ sí, nínú àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀rẹ̀, torí pé nọ́ńbà tí Windows máa ń kọ sílẹ̀ nìyẹn bí wọ́n bá ti nu àkọsílẹ̀ ààbò rẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ti mọ `1102` náà, kí ni mo tún ń wá?

"Ẹ mà ti pẹ́ o," ni àbúrò mi wí. "Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀."

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé orúkọ tí ìwé fún nǹkan ni mo fi ṣe atọ́ka, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kì í sábà dárúkọ. Orúkọ náà gan-an ni ìdáhùn. Ohun tí ìbéèrè máa ń gbé síwájú èèyàn ni àpèjúwe: ohun tí a rí, ohun tó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà kan, àmì kan. Àtọ́ka mi ń ti ìdáhùn lọ sí àlàyé. Ẹni tó wà nínú ìdánwò, àlàyé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdáhùn ló ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín dáadáa. Ìbéèrè inú ìdánwò gidi kò ṣeé tú síta, torí náà èmi fúnra mi ni mo ṣe èyí. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ sáfà kan hàn yín. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, `4625` hàn nígbà ogójì, láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Orúkọ àkáǹtì ogójì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì hàn lẹ́ẹ̀kan péré. Irú ìwọlé tó wà lára gbogbo wọn ni 3. Wọ́n wá bi yín: kí ni ẹni yìí ń ṣe?

Ẹni tó mọ iṣẹ́ á rí i kíá. `4625` ni pé ẹnì kan gbìyànjú láti wọlé, kò sì wọlé. Irú ìwọlé 3 ni pé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti wá, kì í ṣe pé ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì kan ló ń dán pásíwọ́ọ̀dù ogójì wò lára rẹ̀, àkáǹtì yẹn á ti tì pa lẹ́yìn ìgbà mélòó kan tó bá kùnà, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ máa ń ṣètò rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe mú pásíwọ́ọ̀dù kan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti lò, tó sì ń dán an wò lára àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kò sí èyí tó máa tì pa nínú wọn. Ìwé ní orúkọ fún ọgbọ́n yìí, password spraying, lẹ́tà P ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ P ni mo kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìbéèrè náà kà, kò sí ohun kan níbẹ̀ tó máa gbé èèyàn lọ sábẹ́ P. Ohun tó wà níbẹ̀ ni `4625`, ni irú ìwọlé 3, ni orúkọ púpọ̀ láti ojú kan. Àwọn ìlà tí mo wá kọ nìyí, mo yí wọn sí Yorùbá fún yín. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà ìwé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ewé:

```
4624                    | 1 | 87  | ó wọlé
4625                    | 1 | 87  | ó gbìyànjú, kò wọlé
4625, àkáǹtì 1, ìgbà 40 | 3 | 112 | pásíwọ́ọ̀dù púpọ̀; àkáǹtì lè tì pa
4625, àkáǹtì 40, ìgbà 1 | 3 | 114 | pásíwọ́ọ̀dù kan; kò ní tì pa
irú ìwọlé 2 / 3 / 10    | 1 | 89  | ìdí kọ̀ǹpútà / nẹ́tíwọ́ọ̀kì / ojú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè
àkọsílẹ̀, wọ́n nu ún     | 1 | 91  | 1102
```

Bí ẹ bá wò ó, ohun kan ṣoṣo lè ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọ̀kan lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ àmì tí a fi ń dá a mọ̀, ọ̀kan lábẹ́ ohun tí aráyé máa ń pè é. Ó dà bí ìfiṣòfò bébà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà púpọ̀ tó wọ ojú ewé kan náà kì í dí èèyàn lọ́wọ́. Ojú ewé púpọ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bíi ti `TCP` mi ọjọ́sí, ni kì í jẹ́ kéèyàn lọ síwájú.

Òpó àlàyé yẹn ló wá mú kí àáyá 30 ìkẹyìn dín kù. Mo ti kọ́kọ́ ń da gbólóhùn gígùn sínú rẹ̀, títí ìlà kan fi ń gba ìlà mẹ́rin lórí bébà, tí ojú mi ò sì rí nǹkan kan mọ́. Mo wá pinnu pé kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ bíi méjìlá lọ, kó sì jẹ́ ohun tó ń ya nǹkan méjì tó jọra sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ni `nmap -sS`. Ohun tí wọ́n máa ń fi dán èèyàn wò ni ìyàtọ̀ òun àti `nmap -sT`. Kí kọ̀ǹpútà méjì tó bára wọn sọ̀rọ̀ lórí TCP, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló wà: èkíní á fi `SYN` kanlẹ̀kùn, èkejì á dá `SYN/ACK` padà, èkíní á fi `ACK` parí rẹ̀. `-sT` á ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. `-sS` á gbọ́ ìdáhùn tán, á sì fi `RST` já ọ̀rọ̀ náà láìparí rẹ̀, èyí sì gba àṣẹ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà tí a ti ń lò ó. Gbogbo ìyẹn di ìlà méjì:

```
nmap -sS | 2 | 41 | kò parí: SYN, SYN/ACK, RST; ó gba àṣẹ ọ̀gá
nmap -sT | 2 | 42 | ó parí: SYN, SYN/ACK, ACK; kò gba àṣẹ ọ̀gá
```

Bí mo bá ti ka ìlà náà, kò sí ìdí láti ṣí ìwé mọ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Títẹ̀ ẹ́ jáde kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jẹ́ ojú ewé 34, mo dì í pọ̀ ní èyí tó lè ṣí pẹrẹsẹ kó dúró, mo sì kọ lẹ́tà ńlá sí igun òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo fi àyè òfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún ohun tí mo bá fẹ́ fi bíírò kún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń fa páálí ogún, tó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àṣà wa ni pé èyí tí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, a ò ní kàn kọjá lọ. A máa bi ara wa pé ọ̀rọ̀ wo ni mo kọ́kọ́ wá lọ, mo sì máa fi bíírò kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú atọ́ka níbi tí mo ti kọ́kọ́ wá a. Ibi tí ojú mi ti lọ láìronú, ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Mo fi bíi 60 ìlà kún un báyìí, mo sì rò pé àwọn 60 yẹn ló ṣiṣẹ́ ju 860 tó kù lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá, àáyá 35 ni mo ń lò lórí páálí kan.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọwọ́ mi ti ń lọ sídìí ìwé nígbà tí ẹnu mi ti sọ ìdáhùn tán. Ìṣòro tuntun wá dé nìyẹn: mo ń ṣí ìwé fún ohun tí mo mọ̀, torí kí ọkàn mi lè balẹ̀. Àbúrò mi ló rí i. Ó ní, "Ẹ ti dáhùn ná, kí lẹ tún ń wá?" Mi ò rí èsì kankan fún un. A bá fi kún òfin wa pé kí n kọ́kọ́ sọ bóyá mo mọ̀ ọ́n tàbí mi ò mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ mi tó kan bébà. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́dọ̀ wò ó. Nínú ogún, mo máa ń ṣì bí ọ̀kan, iye yẹn ò sì tó èyí tí mo fi máa fi àkókò ìdánwò ṣòfò.

Ní ìdánwò ìgbáradì kejì, ilà 45 ni mo fà sórí bébà dípò àádọ́rin. Mo parí gbogbo ìbéèrè 106, ìṣẹ́jú 41 sì ṣẹ́ kù. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń fi ìṣẹ́jú 41 ṣe níbi tí kò ti lè padà sẹ́yìn, mo kàn jókòó mo ń wo aago.

Èyí kò ní kí n má sọ ibi tó kù sí. Ìbéèrè kan wà tí atọ́ka kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí rẹ̀, ìyẹn ni èyí tó ní kí ẹ ronú lórí nǹkan mẹ́ta pọ̀, tàbí èyí tó ní kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé fún yín. Mo jókòó sídìí irú rẹ̀ rí nígbà ìgbáradì, mo ń ṣí ojú ewé kan sí òmíràn, gbogbo wọn ló tọ̀nà, kò sì sí èyí tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ àṣẹ kan tí mo kọ láti inú ìwé, tí kò ṣiṣẹ́, torí pé mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ fúnra mi rí. Àwọn wọ̀nyẹn, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti lọ kọ́ wọn.

Mo yege nígbà tí mo ṣe gidi. Àtọ́ka náà wà lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́ báyìí, etí rẹ̀ ti ká, mo ṣì ń ṣí i. Lóṣù tó kọjá, mo ń wo àkọsílẹ̀ sáfà kan tí ẹnì kan fẹ́ gba ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti òkèèrè, pọ́ọ̀tù `3389`, ilẹ̀kùn tí irú ìwọlé bẹ́ẹ̀ máa ń gbà, ló ń kàn. Àtọ́ka mi ní 10 ló yẹ kí irú ìwọlé jẹ́. 3 ni mo bá lára gbogbo `4625` tó wà níbẹ̀. Mo yẹ ara mi wò, mo yẹ sáfà wò, ó fẹ́ tó wákàtí kan kí n tó rántí pé bí sáfà bá ti ń yẹ pásíwọ́ọ̀dù wò kó tó ṣí ojú rẹ̀ fún èèyàn, ẹni tó bá kùnà kò tíì dé ojú kọ̀ǹpútà, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣì wà, 3 ló sì máa hàn. Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ sí àyè òfo tó wà lábẹ́ ìlà irú ìwọlé: "3389 tó kùnà lè jẹ́ 3."